Àpilẹ̀kọ mẹ́rin ń jà du gbólóhùn kan ṣoṣo: bí mo ṣe là wọ́n

Ọjọ́ kìíní

Ó tó bíi oṣù mẹ́fà tí mo ti ń wo gbólóhùn kan lórí sáìtì wa, sáìtì àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ológeere ni o, gbólóhùn táwọn èèyàn ń tẹ̀ sí Google ni, òun ni "bí a ṣe ń fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́". Ipò wa fún un kò dúró sójú kan. Lónìí a wà nípò kẹjọ, lọ́la a ti já sí kẹẹ̀ẹ́dógún, tó bá di ọ̀tunla a tún ti gòkè padà. Àbúrò mi tá a jọ ń kọ nǹkan síbẹ̀ ní Google ló ń ṣe wá, èmi náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ síta ni.

Àárọ̀ yìí ni mo wá jókòó dáadáa ti Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi bí sáìtì ẹni ṣe ń jáde nínú àwárí hàn. Mo fi gbólóhùn yẹn nìkan sẹ́ fíltà (mo yan "Exact query" o, torí tẹ́ ẹ bá fi "contains" sílẹ̀, gbogbo ìbátan ẹ̀ ló máa wọlé, ẹ ò sì ní mọ èwo lẹ̀ ń wò mọ́), mo fa ọjọ́ padà sẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo wá bọ́ sí táàbù "Pages". Mo rò pé ojú ewé kan ni màá bá níbẹ̀. Mẹ́rin ni mo bá.

Kí n fún wọn lórúkọ kí n má baà máa kọ àdírẹ́sì ní gbogbo ìgbà. Àkọ́kọ́ ni Àgbà, `/seeni-keke/`, 2018 ni mo kọ ọ́, gbogbo nǹkan tó jẹ mọ́ ṣéènì ló wà nínú ẹ̀. Èkejì ni Kúkúrú, `/fo-seeni/`, 2019, nǹkan bí ìpínrọ̀ mẹ́fà péré. Ìkẹta ni Ìgbésẹ̀, `/fo-seeni/igbese/`, 2021, òun ló ní fọ́tò, òun ló sọ ọ̀rọ̀ dé ìdí. Ìkẹrin ni Dípẹtà, `/seeni-dipeta/`, ti ṣéènì tó ti dípẹtà, àbúrò mi ló kọ ìyẹn ní 2023.

Ìfarahàn wọn, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n jáde nínú àwárí, fún gbólóhùn yẹn láàárín oṣù mẹ́ta: Ìgbésẹ̀ ní 2,140, Kúkúrú 1,870, Àgbà 960, Dípẹtà 210. Kílíìkì: 61, 22, 5, 1. Ẹ ṣe àròpọ̀ ìfarahàn, 5,180 ló máa jẹ́. Àmọ́ ohun tí Search Console kọ sórí gráàfù lókè jẹ́ 3,020. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan, kò sì sí nǹkan tó bàjẹ́. Gráàfù òkè ń ka sáìtì lápapọ̀, tí ojú ewé wa méjì bá jáde nínú àbájáde àwárí kan ṣoṣo, ẹyọ kan ló máa kà. Tábìlì ìsàlẹ̀ ní tiẹ̀ ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, méjì ló máa kà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì yẹn ló ń sọ fún wa pé lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ ìyá kan náà ló ń fara gbún ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ kejì, ṣé ìjà ni lóòótọ́?

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí díẹ̀ torí ibi táwọn èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn ba sáìtì wọn jẹ́ nìyí. Kí ojú ewé méjì máa jáde fún gbólóhùn kan kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń jẹ ara wọn. Tẹ́ ẹ bá wà nípò kẹta àti ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, àyè méjì lẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń díje. Ohun tá à ń wá ni ìpààrọ̀: ọjọ́ tí ọ̀kan bá gòkè, èkejì á wọlẹ̀, tàbí kí èyí tí kò dáa máa jáde dípò èyí tó dáa.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Mo fi fíltà ojú ewé kún fíltà gbólóhùn, mo wo Ìgbésẹ̀ nìkan, mo kọ ipò ẹ̀ lójoojúmọ́ sínú tábìlì, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kúkúrú náà, mo wá tò wọ́n síbi ara wọn. Ọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀ rèé: Mọ́ńdè, Ìgbésẹ̀ wà nípò 8, Kúkúrú kò jáde rárá. Túsìdè, Ìgbésẹ̀ 9, Kúkúrú 17. Wẹ́sìdè, Ìgbésẹ̀ pòórá pátápátá, Kúkúrú wà nípò 15. Tọ́sìdè bákan náà. Fúráìdè, Ìgbésẹ̀ padà sí 8, Kúkúrú tún ti wábi gbà. Bó ṣe ń rí nìyẹn léraléra. Ipò tó ń yí kiri tí mò ń rí látọjọ́ yìí kì í ṣe ti ojú ewé kan tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ojú ewé méjì ló ń gba àga mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí Kúkúrú bá sì gba àga, ìsàlẹ̀ la máa ń wà, torí kò tó Ìgbésẹ̀ láìkù síbì kan.

Ti Dípẹtà lọ́rọ̀ mi pẹ̀lú àbúrò mi wá di ariwo díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí òun náà wà nínú àwọn tó ń jà, ẹ jẹ́ ká kúkú da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan." Mo ní kó ṣe ìdánwò kan fún mi. Kó wá "bí a ṣe ń fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́", kó kọ àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó wá "ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó dípẹtà", kó tún kọ mẹ́wàá, kó fi wọ́n wé ara wọn. Méjì péré ló jọra. Ẹni tó ń wá ti ìpẹtà fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéènì yẹn ṣì ṣeé lò àbí kó jù ú nù, ẹni tó ń wá fífọ̀ ti mọ̀ pé ṣéènì òun dáa, ó kàn dọ̀tí ni. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wá, wọn ò gbọ́dọ̀ wà nínú àpilẹ̀kọ kan náà. Nígbà tá a ṣe ìdánwò yẹn láàárín "bí a ṣe ń fọ ṣéènì" (gbólóhùn Kúkúrú) àti "ìgbésẹ̀ fífọ ṣéènì kẹ̀kẹ́", mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló jọra. Àwọn yẹn, nǹkan kan náà ni. Ìfarahàn 210 ti Dípẹtà kì í ṣe ìjà kankan, ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni.

Ọjọ́ kẹrin, ta ló máa dúró?

Ìgbésẹ̀ ló máa dúró, ìyẹn ò le. Kúkúrú ló máa lọ. Ọ̀rọ̀ Àgbà ló le.

Ọwọ́ mi ti yá, mo ti fẹ́ darí Àgbà náà sí Ìgbésẹ̀, kí n tó rántí pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ti ń wò látọjọ́ kìíní. Mo yọ fíltà gbólóhùn, mo fi ti ojú ewé Àgbà nìkan sí i, mo wá wo táàbù "Queries". Ẹ̀yin èèyàn mi! Fífọ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá nínú kílíìkì tó ń gbà. "Ìgbà wo la ń pààrọ̀ ṣéènì kẹ̀kẹ́" àti àwọn ìbátan ẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ká ní mo darí ẹ̀ lọ sí Ìgbésẹ̀ ni, ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ ṣéènì á wá bá búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ níbẹ̀, á sá lọ, Google náà á sì rí i pé ojú ewé yẹn ò dáhùn ìbéèrè yẹn. Kílíìkì márùn-ún ni mo fẹ́ gbà, kí n wá sọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún nù.

Torí náà Àgbà dúró, àmọ́ mo gé ìpín fífọ̀ inú ẹ̀ kúrò. Ó gùn tó ìpínrọ̀ mọ́kànlá. Mo fi gbólóhùn méjì rọ́pò ẹ̀ pẹ̀lú línkì sí Ìgbésẹ̀. Mo yí àkọlé ẹ̀ náà padà. Tẹ́lẹ̀ ó jẹ́ "Ṣéènì kẹ̀kẹ́: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ àti ìgbà tí a ń pààrọ̀ ẹ̀", ó wá di "Ìgbà wo la ń pààrọ̀ ṣéènì kẹ̀kẹ́, báwo la sì ṣe ń mọ̀". Àkọlé tó ń ṣèlérí nǹkan mẹ́ta ló fi ń bá ẹni mẹ́ta jà.

Mo yẹ Kúkúrú náà wò bẹ́ẹ̀ kí n tó pa á. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí kò sí nínú Ìgbésẹ̀: ìpínrọ̀ lórí fífi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, àwọn èèyàn sì ń wá a gan-an. Mo kó ìpínrọ̀ yẹn lọ sí Ìgbésẹ̀, mo fún un ní àkọlé kékeré tiẹ̀, mo fi ìkìlọ̀ iná kún un. Iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú ìdarí o. Tẹ́ ẹ bá darí ẹni tó ń wá kẹrosíìnì sí ojú ewé tí kò dárúkọ kẹrosíìnì, gbólóhùn yẹn á bọ́ lọ́wọ́ yín.

Àbúrò mi tún béèrè pé kí ló dé tá ò kàn fi kànónikà sí wọn, kí gbogbo wọn wà níbẹ̀ kí wọ́n máa tọ́ka sí Ìgbésẹ̀. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n `rel="canonical"` wà fún ojú ewé tí ohun inú wọn jẹ́ nǹkan kan náà tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ, bí ojú ewé kan tó ní àdírẹ́sì méjì. Àbá ló jẹ́ fún Google, kì í ṣe àṣẹ. Tó bá rí i pé ojú ewé méjèèjì ò jọra, ó lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ká tiẹ̀ ní ó gbọ́ràn, tá a bá fi sórí Àgbà, àwọn gbólóhùn "pààrọ̀" yẹn náà á bá a lọ. `noindex` ńkọ́? Ìyẹn á yọ Kúkúrú kúrò nínú àwárí lóòótọ́, àmọ́ àwọn línkì tí àwọn sáìtì mìíràn ti fún un láti 2019 kò ní bọ́ sọ́wọ́ Ìgbésẹ̀. Rìdàírẹ́ẹ̀tì 301, ìyẹn ìdarí àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun títí lọ, ló ń kó ogún lọ fún ẹni tó kù.

Ọjọ́ karùn-ún, àwa fúnra wa la dá a sílẹ̀

Èyí ló dùn mí jù. Mo fẹ́ mọ ìdí tí Google fi ń yan Kúkúrú nígbà tí Ìgbésẹ̀ wà níbẹ̀. Mo kó gbogbo sáìtì wá sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi, mo wá àwọn línkì inú ilé:

```
grep -rnoE 'href="[^"]*/fo-seeni/"[^>]*>[^<]*' .
```

Mo ṣe é fún àwọn àdírẹ́sì yòókù náà. Línkì mẹ́tàlélógún ló wà lórí sáìtì wa tí ọ̀rọ̀ tó wà lórí wọn jẹ́ "fọ ṣéènì" tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Mẹ́rìnlá lọ sí Kúkúrú, mẹ́fà sí Àgbà, mẹ́ta péré sí Ìgbésẹ̀! Ẹ ò rí nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo kọ Ìgbésẹ̀ ní 2021, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, inú mi dùn, mo gbàgbé pé gbogbo àpilẹ̀kọ àtijọ́ ṣì ń nawọ́ sí Kúkúrú. Ọdún gbọọrọ la fi ń sọ fún Google pé Kúkúrú ni ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ fífọ ṣéènì, a wá ń bínú pé ó gbà wá gbọ́.

Mo tún gbogbo ogún tó kù kọ lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí ní wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan náà sórí gbogbo wọn, bí gbólóhùn tó yí i ká bá ṣe rí ni mo ṣe kọ ọ́. Àwọn kan máa ní ṣebí 301 máa gbé wọn débẹ̀ náà. Ó máa gbé wọn débẹ̀, àmọ́ kí ló dé tí línkì inú ilé ẹni á fi máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́fà ti Àgbà yẹn ò ní rìdàírẹ́ẹ̀tì kankan tó máa gbà wọ́n, torí Àgbà kò lọ síbì kan.

Ọjọ́ kẹfà, mo ba nǹkan jẹ́

Mo ṣe bákọ́ọ̀pù fáìlì `.htaccess` (Apache ni sáfà wa), mo wá fi ìlà yìí sí i:

```
Redirect 301 /fo-seeni/ /fo-seeni/igbese/
```

Mo ṣí Ìgbésẹ̀ láti wò ó. `ERR_TOO_MANY_REDIRECTS`. Ojú ewé tá à ń jà fún gan-an ló kú yẹn!

Ìdí ẹ̀ ni pé `Redirect` kì í wo àdírẹ́sì látòkè délẹ̀, ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/fo-seeni/` ló ń mú, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ìdí àdírẹ́sì tuntun. Àdírẹ́sì Ìgbésẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/fo-seeni/`. Torí náà `/fo-seeni/igbese/` di `/fo-seeni/igbese/igbese/`, ìyẹn náà tún di `/fo-seeni/igbese/igbese/igbese/`, ó ń gùn lọ bí ìdí okùn tí kò lópin. Èyí tó yẹ kí n kọ rèé, kó mú ẹyọ àdírẹ́sì yẹn nìkan:

```
RedirectMatch 301 ^/fo-seeni/?$ /fo-seeni/igbese/
```

Mo yí i padà, mo ṣí i, àṣìṣe kan náà. Mo ti fẹ́ máa sunkún. Mo yí nǹkan mẹ́ta mìíràn padà lásán kí n tó rántí pé bíráúsà máa ń tọ́jú 301 sínú ara ẹ̀, ti àtijọ́ ló ṣì ń lò. Kò tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ sáfà mọ́. Látìgbà náà, mi ò fi bíráúsà yẹ rìdàírẹ́ẹ̀tì wò mọ́, èyí ni mò ń lò:

```
curl -sIL https://example.com/fo-seeni/ | grep -iE "^(HTTP|location)"
```

(Ẹ fi orúkọ sáìtì tiyín sí i.) Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí ni 301 ẹyọ kan, `location` ẹyọ kan, lẹ́yìn náà 200, ó parí. Tẹ́ ẹ bá rí 301 méjì tàbí mẹ́ta kó tó kan 200, ìdarí àtijọ́ kan wà tó ń tọ́ka sí ojú ewé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ darí, ẹ lọ fa ti àtijọ́ yẹn tààrà sí òpin. Mo bá ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ ní tiwa, ti 2020, mo tọ́ ọ.

Lápapọ̀, bíi ìṣẹ́jú ogójì ni Ìgbésẹ̀ fi kú. Mo yọ Kúkúrú kúrò nínú sáítímáàpù, mo fi URL Inspection ní kí Google wá tún Ìgbésẹ̀ wò, mo sì lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Àbúrò mi pè mí láàárọ̀, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n, ìfarahàn wa ti já wálẹ̀ o." Tábìlì ojú ewé ló ń wò, ó ń ṣe àròpọ̀ gbogbo wọn. Mo rán an létí 5,180 àti 3,020. Nígbà tí ojú ewé méjì bá di ọ̀kan, àròpọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀, torí kò sí ẹni tá à ń kà lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo ní kó wo ti sáìtì lápapọ̀ lórí gráàfù. Kò tíì yí padà.

Nǹkan tó tiẹ̀ ń kọ mí lóminú ni pé Kúkúrú ṣì ń jáde nínú àwárí lọ́jọ́ kọkànlá. Mo fi URL Inspection wò ó, ẹ̀dà àtijọ́ ni Google ṣì mú lọ́wọ́, kò tíì padà wá síbẹ̀ látìgbà tá a ti fi ìdarí sí i. Mi ò ṣe nǹkan kan. Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe ju kí n dúró, àwọn tó ń yí nǹkan padà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta ni kì í mọ ohun tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Kúkúrú ti di "Page with redirect" nínú Search Console. Àṣìṣe kọ́ nìyẹn o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ àwọn ojú ewé tí kò wọ índẹ́ẹ̀sì ló wà, ohun tá a fẹ́ gan-an ni. Ìgbésẹ̀ ti jáde lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án léraléra, ipò ẹ̀ wà láàárín 7 àti 8. Kò tíì gòkè tó bí mo ṣe fẹ́, ó ti jókòó ṣá.

Oṣù kẹta pé

Mo fi oṣù mẹ́ta tuntun wé oṣù mẹ́ta àtijọ́, gbólóhùn kan náà, sáìtì lápapọ̀. Ìfarahàn 3,140, tẹ́lẹ̀ 3,020, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Kílíìkì 171, tẹ́lẹ̀ 89. Ipò Ìgbésẹ̀ ń wà ní nǹkan bíi 6. Dípẹtà ò jáde fún fífọ̀ mọ́ àfi ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti gòkè díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìpẹtà tiẹ̀. Àgbà pàdánù kílíìkì márùn-ún yẹn, kò pàdánù nǹkan kan lórí "pààrọ̀".

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé rìdàírẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣe é. Mo fi ìpínrọ̀ kẹrosíìnì kún Ìgbésẹ̀, mo tún línkì ogún ṣe, mo yí àkọlé Àgbà padà, gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá fi agbára bi mí, màá ní línkì inú ilé yẹn ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ká ní mo láyà ni, ó yẹ kí n kọ́kọ́ tún línkì nìkan ṣe, kí n dúró oṣù kan, kí n wò ó.

Ìlà 301 yẹn máa wà níbẹ̀, ó kéré tán ọdún kan ni Google ní kéèyàn fi í sílẹ̀, èmi ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti yọ ọ́ láéláé. Mo ti kọ ọjọ́ àti ìdí ẹ̀ sókè ẹ̀ nínú fáìlì kí ẹlòmíì má lọ rò pé ìdọ̀tí ni.

Lánàá àbúrò mi ní òun fẹ́ kọ "bí a ṣe ń fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ ọmọdé". Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wò ó. Ó ṣí àwárí, ó kọ àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó fi wé ti Ìgbésẹ̀, mẹ́sàn-án jọra. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí Ìgbésẹ̀, ó fi ìpínrọ̀ méjì kún un.